Ṣé Ibì Kan Náà Ni Gbogbo Wọn Ń Dé?

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn Súfí, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá bí wọ́n ṣe máa sún mọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn wọn, àwọn mọ́ńkì Kírísítẹ́nì àti àwọn Híńdù tó rì sínú àdúrà, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń dé, orúkọ lásán ló yàtọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí ohun tí ẹ̀sìn kálukú ti kọ́ ọ ló ń rí?

Ẹni tí mo máa ń fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni Martin Buber, Júù onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún 1878, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Ó ní òun ti bọ́ sí ipò kan rí tí ohun tó pààlà sáàárín èèyàn àti gbogbo nǹkan yòókù tú dànù, tí ohun gbogbo wá di ọ̀kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbà pé òun ti di ọ̀kan pẹ̀lú Orísun gbogbo nǹkan. Nígbà tó yá, tó rò ó jinlẹ̀, ó ní rárá: ìsàlẹ̀ ọkàn òun fúnra òun ni òun dé, níbi tí ọkàn náà ò tíì pín sí wẹ́wẹ́. Ọkàn ẹ̀dá sì ni, kì í ṣe ti Ẹlẹ́dàá.

Ẹ wò ó dáadáa: ìrírí kan ni, àlàyé méjì ló ṣe lé e. Ọ̀rọ̀ Buber yìí wà lára ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Walter Stace gbé yẹ̀ wò nínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1960. Stace ní ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ síni, ọ̀tọ̀ ni àlàyé rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló sún mọ́ ohun tí Buber rí. Èkejì, ẹ̀sìn Júù ló fà á wá, torí ẹ̀sìn náà kì í gbà kí ẹ̀dá fo ààlà tó wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá. Stace ní bí a bá bó irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kúrò lára ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo, ohun kan náà ni yóò kù: ìṣọ̀kan tí kò ní méjì nínú.

Kí ló dé tí àwọn kan ò gbà fún Stace?

Steven Katz, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀sìn, kọ ọ́ lọ́dún 1978 pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kì í dúró dìgbà tí ìrírí èèyàn bá parí kó tó fọwọ́ kàn án. Àtilẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Júù tó ń tọ ọ̀nà yìí ń wá ohun tí wọ́n ń pè ní dẹfẹkútì, ìyẹn ni kó rọ̀ mọ́ Ọlọ́run. Nǹkan méjì tó rọ̀ mọ́ra, méjì náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Súfí ń wá fánáà, kó pa rẹ́ sínú Ọlọ́run. Ẹlẹ́sìn Búdà ò tilẹ̀ fi Ẹlẹ́dàá ṣe òpin ìrìn rẹ̀. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọkàn wọn sí ohun tó yàtọ̀ síra báyìí, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ pé ohun kan náà ni wọ́n bá? Bí o bá bó aṣọ lára èèyàn mẹ́wàá, tí o tún bó awọ àti ẹran, egungun tó jọra ni yóò kù. Ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹnì kan.

Katz rí ohun tí Stace fojú fò. Lọ́dún 1909, Buber ti ṣàkójọ ẹ̀rí àwọn tó ní irú ìrírí yìí láti inú oríṣiríṣi ẹ̀sìn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan kì í ṣe àjèjì sí i. Nítorí náà a ò lè mú àlàyé àkọ́kọ́ bí ẹni pé ìrírí nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kí á wá di ẹ̀bi ẹ̀kọ́ ru èkejì. Ẹ̀kọ́ wà nínú méjèèjì.

Ṣé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn?

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Súfí ló sì jẹ́ kí n má gbà. Ìtàn gbé e pé Al-Hallaj sọ pé, "Èmi ni Òtítọ́," bẹ́ẹ̀ Òtítọ́ wà lára orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n pa á ní Bagidadi lọ́dún 922. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ju gbólóhùn yẹn nìkan lọ, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ Mùsùlùmí kan tó ń kọ́ ọmọ pé kó pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run.

Imáàmù Gasali, tó kú lọ́dún 1111, wá ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọtí bá wà nínú gíláàsì, èèyàn lè rò pé àwọ̀ ọtí náà ni àwọ̀ gíláàsì. Nígbà tí ojú àwọn tó mutí ìfẹ́ Ọlọ́run bá dá, tí làákàyè padà sí ipò rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe pé àwọn di ọ̀kan pẹ̀lú Rẹ̀ ní ti gidi, ó kàn jọ bẹ́ẹ̀ ni. Gẹ́lẹ́ ohun tí Buber ṣe nìyẹn, ju 800 ọdún lọ lẹ́yìn náà, nínú ẹ̀sìn mìíràn.

Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ló ń ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ohun tó ń tún ṣe kì í ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ bí. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀, kò ní sí ohun tí wọ́n á tún máa ṣàtúnṣe rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń ka ẹ̀rí ẹni tó ní irú ìrírí yìí, mi ò kí í ka ibi tó ti bá ìjọ rẹ̀ mu kún. Ibi tó ti sọ ohun tí ìjọ rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ni mo máa ń tẹ́tí sí, màá sì wádìí ohun tó ti kà kó tó sọ ọ́.