Okùn méjì tí kì í jó dọ́gba: báwo lẹ ṣe máa fi wọ́n wọn ìṣẹ́jú 45?

Àwọn tó ń múra ìntáfíù máa ń gbé àlọ́ ìṣirò yìí wá bá mi gan-an, torí iṣẹ́ tíṣà ìṣirò ni mò ń ṣe. Okùn méjì wà níwájú yín, pẹ̀lú ìṣáná. Tẹ́ẹ bá ṣáná sí orí kan okùn kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan gééré ló máa fi jó tán, àmọ́ kì í jó dọ́gba o, ibì kan á máa jó bíi pé wọ́n da kẹrosíìnì sí i, ibòmíì á kàn máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Kò sí aago, kò sí fóònù. Ó yá, ẹ wọn ìṣẹ́jú 45.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ ní kí àwọn gé okùn sí méjì, ṣebí ìdajì okùn ni ìdajì wákàtí. Rárá o! Ẹ jẹ́ ká mú okùn kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó wà lápá òsì nìkan á jẹ ìṣẹ́jú 50, sẹ̀ǹtímítà 50 tó kù á jó tán ní ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ wá gé e láàárín gangan: ìdajì ọ̀tún á jó tán ní ìṣẹ́jú 6, ti òsì á gba 54. Gígùn lẹ pín yẹn, ẹ ò tíì pín àkókò.

Ohun tó ń pín àkókò ni kẹ́ẹ ṣáná sí orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí okùn yẹn kan náà, iná ọ̀tún á sáré jẹ apá tó yá tán ní ìṣẹ́jú 10, iná òsì náà á ti jẹ ìṣẹ́jú 10 kúrò nínú 50 tiẹ̀, ó ku 40. Iná méjì ló wá ń jẹ 40 yẹn báyìí, ọ̀kan látòsì, ọ̀kan látọ̀tún, nítorí náà ìṣẹ́jú 20 ló máa gbà wọ́n. 10 pẹ̀lú 20, 30 nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà 6 sí orí òsì ni wọ́n ti máa pàdé, ibẹ̀ jìnnà sí àárín okùn gan-an, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 30 ni iná kọ̀ọ̀kan fi jó kó tó débẹ̀. Ibi yòówù kí okùn ti yá tàbí kó ti lọ́ra, bó ṣe máa rí nìyẹn.

Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáná sí orí méjèèjì okùn kìíní àti orí kan ṣoṣo okùn kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí okùn kìíní bá ṣe ń jó tán báyìí, ìṣẹ́jú 30 ti lọ, ìṣẹ́jú 30 ló kù lára èkejì, bóyá èyí tó kù gùn ni o, bóyá kò ju ìka kan lọ (ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í). Kíá, ẹ ṣáná sí orí rẹ̀ kejì, á jó tán ní ìṣẹ́jú 15, ó di 45.

Tẹ́ẹ bá wá fi nǹkan falẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú ìṣẹ́jú tẹ́ẹ ṣáná sí orí kan, ẹ fi ti orí kejì kún un, ẹ fi 60 kún un, kẹ́ẹ pín gbogbo ẹ̀ sí méjì, ìgbà tí okùn máa jó tán nìyẹn. 0, 30 àti 60 jẹ́ 90, ìdajì rẹ̀ ni 45. Tẹ́ẹ bá fi ìṣẹ́jú 2 pẹ́, 92 ni, ìdajì rẹ̀ 46, àṣìṣe yín á jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Ìlànà yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé tó bá jẹ́ orí okùn nìkan lẹ ń ṣáná sí, ẹ ò lè wọn ìṣẹ́jú 40 láé, ẹ̀ báà kó ọgọ́rùn-ún okùn jọ. Pípín sí méjì nìkan lokùn mọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wákàtí sì ni 40. Jeff Erickson, Gabriel Nivasch àti Junyan Xu tiẹ̀ ṣèwádìí lórí irú àwọn nọ́ńbà tí okùn báyìí lè wọ̀n, ó sì jinlẹ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ.

Ohun kan wà tí àlọ́ yìí kì í sọ síta: iná tó ń bọ̀ látòsì àti èyí tó ń bọ̀ látọ̀tún gbọ́dọ̀ fi iye àkókò kan náà jẹ ojú ibì kan náà. Okùn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ooru ń gòkè, iná tó bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ á yára ju tòkè lọ, 30 yín á bàjẹ́. Tẹ́ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ tẹ́ okùn gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí atẹ́gùn ò sí, ẹ má jẹ́ kó ká lé ara ẹ̀, kí méjèèjì má sì fara kanra. Àmọ́ okùn tẹ́ẹ ti jó láti mọ̀ pé wákàtí kan ló ń gbà ti di eérú, ibo lẹ ti máa rí èkejì ẹ̀ tó máa jó bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́? Ìyẹn ò sí lọ́jà o.