Kí ló ń pa íméèlì nígbà tí a bá kó dóméènì lọ sí ilé ìforúkọsílẹ̀ mìíràn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, a ní ilé àlejò kékeré kan, dóméènì wa sì jẹ́ .com. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún ti pọ̀ jù, a fẹ́ kó o lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, íméèlì rẹ̀ kú fún ọjọ́ méjì gbáko. Kí ló fà á? Kóòdù wo ni wọ́n sì ń bèèrè?

Ìdáhùn: Àbúrò, kíkó dóméènì nìkan kì í pa nǹkan kan. Orúkọ ló ń kúrò nínú ìwé ilé ìforúkọsílẹ̀ kan bọ́ sínú ti òmíràn. Sáfà tí ìkànnì yín wà lórí rẹ̀ kò mọ̀ rárá. Ohun tó ń pa íméèlì ni DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún ayé pé ibí ni ìkànnì wà, ibí sì ni kí wọ́n kó íméèlì lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìforúkọsílẹ̀ máa ń fún oníbàárà ní DNS lọ́fẹ̀ẹ́. Bí dóméènì bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Àwọn sáfà orúkọ kò yí padà o, àwọn tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ayé ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìdáhùn mọ́. Mo fura pé ohun tó ṣe ará Àjàṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Nítorí náà, DNS ni kí o kọ́kọ́ kó, kí dóméènì tó tẹ̀ lé e. Fi àṣẹ `dig`, tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ DNS, wo ibi tó wà báyìí (fi orúkọ tiyín rọ́pò `example.com`):

```
dig +short NS example.com
dig +short MX example.com
dig +short DS example.com
```

Bí ìlà àkọ́kọ́ bá fi orúkọ ilé tí ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀ hàn, iṣẹ́ wà. Bí kì í bá ṣe tiwọn, tó jẹ́ pé ibòmíràn ni DNS yín wà, o lè fò lọ sí ọ̀rọ̀ kóòdù.

Ṣí àkáǹtì DNS níbi tuntun, kí o sì da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ síbẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé `dig` fún èyí, nítorí ohun tí o bá dárúkọ nìkan ló máa fi hàn ọ́. Inú ojú ìwé àkóso ilé àtijọ́ ni kí o ti wò ó. Èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni ìlà tí orúkọ rẹ̀ ní `_domainkey` nínú. Bí kò bá sí, íméèlì yín á ṣì máa lọ, àmọ́ ó lè jẹ́ inú àpótí ìdọ̀tí ni àlejò yóò ti rí ìwé ìfipamọ́ yàrá rẹ̀, bó bá tilẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà, fi orúkọ sáfà tuntun rọ́pò `ns1.example.net`, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè:

```
dig @ns1.example.net +short MX example.com
```

Kí èsì rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Tó bá bá a mu, padà sí ilé àtijọ́ níbi tí dóméènì ṣì wà, kí o sì yí sáfà orúkọ sí ti tuntun. Fún .com, àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé lè di orúkọ sáfà mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 172800, èyí tí í ṣe ọjọ́ méjì. Láàárín àsìkò yẹn, àwọn kan á máa bèèrè lọ́wọ́ sáfà àtijọ́, àwọn kan lọ́wọ́ tuntun. Bí àkọsílẹ̀ méjèèjì bá rí bákan náà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Má fọwọ́ kan ti àtijọ́ títí ọjọ́ méjì yẹn á fi kọjá.

Tí ìlà `DS` bá mú èsì wá, DNSSEC, ìyẹn ìfọwọ́sí tó ń jẹ́rìí sí ìdáhùn DNS, wà lára dóméènì yín. Kọ́kọ́ pa á ní ilé àtijọ́, dúró fún ọjọ́ kan ó kéré tán lẹ́yìn tí `DS` náà bá ti parẹ́, kí o tó yí sáfà. Bí o bá sáré níbí, àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ ìfọwọ́sí wò yóò kọ ìdáhùn sáfà tuntun, ìkànnì yóò sì ṣí fún ẹnì kan, yóò kọ̀ láti ṣí fún ẹlòmíràn. Ó ń dààmú ènìyàn gan-an.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kóòdù tó kàn. Nínú `whois`, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbangba nípa dóméènì, ó ṣeé ṣe kí o rí `clientTransferProhibited`. Àgádágodo ni, ilé àtijọ́ ló fi síbẹ̀ kí olè má baà gbé orúkọ yín. O lè ṣí i fúnra rẹ nínú àkáǹtì yín; ní ojú ìwé Faransé, ọ̀rọ̀ `verrouillage` ni kí o wá. Tó bá ṣí, ọ̀rọ̀ yẹn yóò parẹ́; bí kò bá sí òmíràn, `ok` ni yóò kù níbẹ̀. Kóòdù náà ni wọ́n ń pè ní `code d'autorisation` tàbí `code de transfert`, àwọn míìràn a sì kọ ọ́ ní `EPP`. Tí kò bá sí bọ́tìnì rẹ̀, béèrè rẹ̀. Òfin ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dóméènì lágbàáyé, fún ilé àtijọ́ ní ọjọ́ 5 láti fún yín. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o mú, má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí `l` àti `1` jọra púpọ̀. Má sì jù ú sínú gúrúpù Wásáàpù ẹbí.

Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ sí ilé tuntun, wọ́n lè bi ọ́ bóyá kí wọ́n lo sáfà orúkọ tiwọn. Pé kí àwọn tó wà níbẹ̀ dúró ni kí o yàn. Ilé àtijọ́ yóò kọ íméèlì sí ẹni tó ni dóméènì. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ó lè yá. Bí ẹ bá dákẹ́, tí wọn kò sì kọ̀ ọ́, ó máa ń parí lẹ́yìn ọjọ́ 5. Owó tí ẹ bá san fi ọdún 1 kún èyí tó kù, ẹ ò pàdánù oṣù kankan. Bó bá parí, ti àgádágodo náà padà.

Ìbéèrè: Kò tíì tán o. Ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì wa ló fi orúkọ àti íméèlì ara rẹ̀ forúkọ dóméènì náà sílẹ̀, ó sì ti kó lọ sí Kútọnu. Ṣé ká kọ́kọ́ yí i sí orúkọ wa?

Ìdáhùn: Rárá, má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ tàbí íméèlì ẹni tó ni dóméènì bá yí padà, ilé ìforúkọsílẹ̀ lè tì í pa fún ọjọ́ 60, àyàfi tí wọ́n bá gbà yín láàyè láti kọ ìdènà náà kí ìyípadà tó wáyé. Ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Kó ṣí àgádágodo, kó fi kóòdù ránṣẹ́, kó sì fọwọ́ sí íméèlì tó bá wá bá a. Lẹ́yìn tí dóméènì bá ti dé inú àkáǹtì yín ni kí ẹ wá yí orúkọ náà. Ìdènà ọjọ́ 60 mìíràn lè wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò dí yín lọ́wọ́ mọ́, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ.

Kí ó má baà pẹ́ jù, ẹ wo ọjọ́ tí dóméènì yóò parí kí ẹ tó pe ọmọkùnrin náà. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ san ti ọdún yìí fún ilé àtijọ́ ná, nítorí bí orúkọ bá parí lójú ọ̀nà, ìkànnì lè kú nítorí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjọ́ ìparí ni ẹ san án, kẹ́ ẹ dúró ju ọjọ́ 45 lọ lẹ́yìn ọjọ́ ìparí àtijọ́ kẹ́ ẹ tó kó o. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọdún tí ẹ san fún ilé àtijọ́ lè já kúrò nínú ìṣirò, a ó sì kàn bá yín ka ọdún kan ṣoṣo fún owó méjì. Dóméènì .bj ní òfin tirẹ̀, ìlànà .com wọ̀nyí kò dè é.