Èènì ni pọ́ìǹtì, kì í ṣe àjọ

Àṣìṣe kan wà tó ń bí ni nínú gidigidi nínú ìtumọ̀ ìlànà pọ́ìǹtì tí ilé ìtajà ń fún oníbàárà: ògbufọ̀ á kọ ọ́ bí ẹni pé àjọ ni. Á kọ "owó pọ́ìǹtì yín", á kọ "ohun tí ẹ fi pa mọ́ lọ́dọ̀ wa". Ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ alájọ, tòun ni. Bó pẹ́ ọdún méjì kó tó lọ gbà á, alájọ ò lè sọ pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Èènì ni pọ́ìǹtì fi jọ. Onígàrí ló ń pinnu bí èènì òun yóò ti pọ̀ tó, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbé e padà wá lọ́la pé kí wọ́n fi owó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onígàrí bá sọ pé, "Ẹ wá gba èènì yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀," èènì náà ti fẹ́ẹ́ di gbèsè. Bí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ ṣe ń rí i gan-an nìyẹn. Lábẹ́ IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé nípa owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́, a máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó ọjà nítorí pọ́ìǹtì tó bá a rìn, apá yẹn kò sì ní di owó tó wọlé títí oníbàárà yóò fi lo pọ́ìǹtì náà tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi kọjá. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ọjọ́ fún un.

Ibi ọjọ́ yìí gan-an ni ìtumọ̀ ti ń bàjẹ́. "Pọ́ìǹtì yóò parí lẹ́yìn oṣù 12": lẹ́yìn oṣù 12 sí ìgbà wo? Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ka oṣù náà láti ọjọ́ tí pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan wọlé, àwọn mìíràn ń kà á láti ìgbà tí oníbàárà rajà tàbí lo pọ́ìǹtì kẹ́yìn. Ká ní ìyá aládìrẹ wa gba pọ́ìǹtì 200 ní 10 Oṣù Kẹta 2025, ó gba 150 ní 20 Oṣù Kẹjọ, ó sì lo 120 ní 5 Oṣù Kìíní 2026. Ó ku 230. Lábẹ́ ìlànà àkọ́kọ́, bí a bá ń kọ́kọ́ lo èyí tó pẹ́ jù, inú 200 ni 120 yẹn ti jáde. 80 tó kù yóò kú ní 10 Oṣù Kẹta 2026, bó bá sì dé ilé ìtajà ní Oṣù Kẹrin, 150 péré ni yóò bá. Lábẹ́ ìlànà kejì, gbogbo 230 ṣì wà títí di Oṣù Kìíní 2027. Ìlànà kejì yìí ló ṣàánú ẹni tó ń rajà díẹ̀díẹ̀ jù, nítorí pé ìrajà kékeré kan ń fún gbogbo pọ́ìǹtì rẹ̀ ní ẹ̀mí tuntun.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ tún wà ńbẹ̀. Ọjà ọrọọrún tó ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná, nítorí pé a ń ka ọjọ́ Ajé mọ́ ọn. Bí ìlànà bá ní pọ́ìǹtì yóò wọlé "ní ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìrajà", ẹni tó rajà lọ́jọ́ Ajé á dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní bá nǹkan kan, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń retí. Olè ni yóò pe ilé ìtajà. Orúkọ ọjọ́ ni ká kọ sí i: "Bí ẹ bá rajà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni pọ́ìǹtì yín yóò wọlé."

Ti ipele tí ilé ìtajà ń to oníbàárà sí, gẹ́gẹ́ bí ìrajà rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò le púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni pé iye tó ń gbé ni dé ipele fàdákà tàbí wúrà sábà máa ń yàtọ̀ sí pọ́ìǹtì tí à ń ná, ó sì lè padà sí òdo lọ́dọọdún. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ "pọ́ìǹtì" nínú ìtumọ̀, oníbàárà á rò pé gbogbo ohun tóun ní ti lọ, á sì máa bẹ̀rù láti ná èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ipele rẹ̀ má baà já. Ẹ pe ti ipele ní "àmì ipele".

Nígbà tó bá wá kan gbígba ẹ̀bùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ra pọ́ìǹtì padà". Ohun tí a fi dógò là ń rà padà, owó la sì fi ń rà á. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn á mú owó lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtajà. "Ẹ lè fi pọ́ìǹtì 500 gba ọjà, ṣùgbọ́n a kò ní fún yín lówó dípò rẹ̀" ti tó.