Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìdánwò kóòdù: ìbéèrè tuntun ni àbí ti àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí n ṣe ìdánwò kóòdù fún iṣẹ́ kan. Wákàtí méjì ni mo ní lójúmọ́. Tí mo bá gbájú mọ́ ìbéèrè tuntun, màá gbàgbé ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá padà sí ti tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ojú kan náà ni mo wà. Báwo ni kí n ṣe pín in?

Ìdáhùn: Iye ìbéèrè tuntun tí o bá ṣe lónìí ló máa sọ iye àtijọ́ tí yóò já lé ọ lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbèsè ni ìbéèrè tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá san án padà: lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ ìgbàgbé wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1885: ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ohun tí a kọ́ máa ń sá lọ jù, lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé yóò wá dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ pẹ́.

Wá ṣírò rẹ̀. Tí o bá ń ṣe tuntun méjì lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ, àtijọ́ mẹ́fà ni yóò máa dúró dè ọ́ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan nìyẹn. Tuntun méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kejì ti lọ. Tí o bá ṣe mẹ́ta, ẹ̀ẹ́sàn-án ni ti àtijọ́ yóò dà, àsìkò rẹ ò sì ní gbà á. Àtijọ́ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, torí tí ó bá ti rẹ̀ ọ́, òun ni wàá fò.

Ìbéèrè: Kí lẹ ń pè ní àtúnṣe gan-an? Ṣé kí n ka kóòdù mi?

Ìdáhùn: Rárá o. Ṣíṣí kóòdù àná, wíwò ó kí o sì máa mi orí, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀: ojú mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ṣí fáìlì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí o kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wo èyí, tó ń wá ibi àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà kò ti kéré sí `x` nínú àtòjọ tí a ti tò láti kékeré sí ńlá:

```python
def akoko(a, x):
    lo, hi = 0, len(a) - 1
    while lo < hi:
        mid = (lo + hi) // 2
        if a[mid] < x:
            lo = mid
        else:
            hi = mid
    return lo
```

Fi `[2, 5]` àti `x = 1` dán an wò, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Fi `x = 5` sí i: `mid` jẹ́ 0, 2 kéré sí 5, `lo` tún padà di 0, lúùpù náà ò sì ní dúró láéláé. `lo = mid + 1` ló yẹ kó jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, o ti tún ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, o fi `x = 9` sí i, ó dá 1 padà, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́ńbà tó tó 9 níbẹ̀. 2 ló yẹ kó dá padà, ìyẹn ni pé `hi` gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti `len(a)`. Àṣìṣe méjèèjì yìí, ìlà kọ̀ọ̀kan, ni kí o kọ sínú ìwé rẹ. Má da odindi kóòdù kọ síbẹ̀.

Èyí tí o bá kọ tán láìwo ibì kankan, ó ti kọjá sí ọjọ́ tó kàn. Èyí tó bá dè ọ́ mọ́lẹ̀, ó padà sí ọjọ́ kejì. Tuntun tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá tán lórí rẹ̀, ka ìdáhùn rẹ̀, pa á dé, kí o sì kọ ọ́ fúnra rẹ.

Ìbéèrè: Tí ti àtijọ́ bá wá pọ̀ jù ńkọ́?

Ìdáhùn: Tó bá ti ju mẹ́fà lọ, tuntun kan ṣoṣo ni kí o ṣe lọ́jọ́ náà. Tó bá tó mẹ́wàá, má ṣe tuntun rárá. Èyí tó rọrùn fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o padà sí i.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe ní ọ̀sẹ̀ wo?

Ìdáhùn: Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àtòjọ àti tábìlì háàṣì. Èkejì, títo nǹkan àti irú ìwákiri tí mo fi hàn ọ́ lókè yìí. Ẹ̀kẹta, igi àti fọ́ńṣọ̀n tó ń pe ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, gíráàfù. Ẹ̀karùn-ún, dáínámíìkì pírógíráámíìnì, àwọn tó rọrùn nìkan; tí gíráàfù kò bá tíì dúró lọ́wọ́ rẹ, fi èyí sílẹ̀ kí o padà sí gíráàfù. Tí o bá ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú, nǹkan bí ọgọ́ta ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan yóò máa fi igba yangàn. Má dá wọn lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò sí tuntun. Da ọgọ́ta náà pọ̀, kí o fa méjì yọ láìmọ orí tí wọ́n ti wá, kí o fún wọn ní ìṣẹ́jú 45, kí o sì máa sọ ohun tí ò ń ṣe jáde lẹ́nu. Ní ìdánwò, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ọ pé gíráàfù ni ìbéèrè yìí. Mímọ irú èyí tó jẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kùnà lé lórí, títò ó ní orí-orí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò sì lè kọ́ ọ ní ìyẹn.