“Àyà kò dùn mí, kí ni mo fẹ́ fi ẹ́kò ṣe?”

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Táàkì dé Ṣábó, àwọn tó ń gba kimo fún jẹjẹrẹ ọmú mọ oògùn pupa. Dọ̀ksọ̀rubísìnì ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó gbà á pé ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì léwu. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ kì í pọ́n, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀: ọkàn ni.

Nígbà tí dókítà bá wá ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ́kò, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo ọkàn, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, “Àyà kò dùn mí, mi ò mí gúlegúle, mo ṣì ń lọ sọ́jà. Owó ni wọ́n fẹ́ gbà.” Mo mọ̀ pé owó kò rọrùn fún ẹni tó ń ra kimo lápò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yẹn kò tọ̀nà.

Oògùn náà ń já àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kí ó lè kú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì ọkàn pẹ̀lú, èyí tó bá sì kú nínú ọkàn àgbàlagbà, agbára káká ni òmíràn fi ń rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó kù ló máa ń gbé iṣẹ́ àwọn tó lọ. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn ṣì fi ń rìn, tó ń jẹun, tó ń tajà. Ìgbà tí kò bá lè sùn láìgbé orí sókè mọ́, tí kókósẹ̀ sì ń wú, ọ̀rọ̀ ti jìnnà. Àárẹ̀ tó sì ti kọ́kọ́ dé, gbogbo ilé á ti ní kimo ló fà á.

Ẹ́kò ni wọ́n fi ń rí i kó tó débẹ̀. Wọn á fi jẹ́lì sí àyà, wọn á máa gbé ẹ̀rọ lé e, wọn á sì wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tí a fẹ́ lórí ìwé èsì ni EF: nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá òsì ọkàn, mélòó ló ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù? Láti 55 lọ sókè ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín, tó sì bọ́ sábẹ́ 50, oògùn náà ti kan ọkàn. Àyẹ̀wò oníwáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà kò lè sọ nọ́ńbà yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 58, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n ṣe ṣírò gíga àti ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ mítà onígun 1.7. Mílígíráàmù 60 ni wọ́n ń fún mítà onígun kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 102 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240 fún mítà onígun kan. EF rẹ̀ jẹ́ 62 kó tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó parí, ó ti di 48, bẹ́ẹ̀ ìyá ní ara òun le. Dókítà ní kí wọ́n tún un ṣe láti rí i dájú, ó sì fún un ní oògùn ọkàn méjì, ẹnalapírìlì àti káfẹdílọ̀ọ̀lì, díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pọ̀ tó.

Kíákíá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 láti Mílàn, nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún láàárín oṣù méjì lẹ́yìn kimo, ìdá 64 nínú 100 ni ọkàn wọn padà sípò pátápátá. Àwọn tó pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, kò sí ẹyọ kan tó padà sípò tán. Ìwádìí wọn mìíràn ní 2015, lórí ènìyàn 2,625, fi hàn pé ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn kimo ni ìbàjẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń hàn lára gbogbo ẹni tó bá ṣe. Torí náà ẹ́kò kan ṣáájú, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ láàárín ọdún kan, ni ó kéré jù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ti lé ní 65, tàbí tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àyà rẹ̀ rí, yóò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ́kò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹni méjì bá wo ọkàn kan náà, èsì wọn lè fi ohun tó tó 10 yàtọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ibì kan náà ni kí ẹ máa ṣe é. Bí ẹ bá ṣe ti àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn tí ẹ sì fẹ́ ṣe èkejì nílé, ẹ mú ìwé ti àkọ́kọ́ dání.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún oògùn náà. Àròpọ̀ àwọn ìwádìí kan ní 2003 fi hàn pé bí àpapọ̀ bá dé 400 fún mítà onígun, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 ni ọkàn wọn kò ní lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́. Bó bá dé 550, ó di nǹkan bí 26. Ìyá wa kò tíì dé ibẹ̀. Àmọ́ 240 rẹ̀ kì í parẹ́. Bí jẹjẹrẹ bá padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tó sì bọ́ sọ́wọ́ dókítà mìíràn, láti orí 240 yẹn ni ìṣirò máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ó tọ́jú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.