Kọfí ń ta lẹ́ẹ̀mejì lórí iná: èwo la fi ń mọ̀ pé ó ti jinná?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fún mi ní kọfí tútù tó rà bọ̀ láti Mambila. Mo yan án nínú agbada bí màmá wa ṣe máa ń yan ẹ̀pà. Ó ta pà-pà-pà, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú bí èédú, síbẹ̀ nígbà tí mo mu ún, ó korò, ó tún ń kan, ó sì ń rùn bíi koríko. Títa wo ni kí n máa dúró sí? Àbí kí n kúkú ra ẹ̀rọ gúgúrú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àárín méjèèjì ni kí o dúró sí. Jẹ́ kí títa àkọ́kọ́ rọlẹ̀ tán, kí o sì sọ kọfí náà kalẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ba tìrẹ jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó ta rárá. Bí kọfí bá korò tó tún ń rùn bíi koríko nínú ife kan náà, iná ló le jù ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ti jó nígbà tí inú ṣì tutù.

Hóró kọfí le, ó sì ki. Bó ṣe gbẹ lójú yẹn, nǹkan bí ìpín 10 sí 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣì jẹ́ omi. Omi yìí ló kọ́kọ́ ní láti jáde, kò sì sí bí a ṣe lè fi iná líle kán an lójú. Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ariwo tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ.

Jẹ́ ká mú 150 gíráàmù, ká sì yan án nínú agbada irin tó nípọn. Má ṣe da kọfí púpọ̀ sí i. Kí hóró má ga ju méjì lórí ara wọn lọ. Gbé agbada ka gáàsì, fi iná sí àárín, kí agbada gbóná dáadáa kí o tó da kọfí sí i. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ṣíbí onígi. Rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, mú ti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, kí hóró kankan má bàa jókòó sójú kan. Ojú pẹlẹbẹ tí hóró kọfí ní yẹn máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin, ibẹ̀ ni àmì dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, yóò dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọ̀ ewé yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, òórùn koríko gbígbẹ yóò sì máa jáde. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ yóò di àwọ̀ ìyeyè, òórùn náà yóò sì yí padà di ti búrẹ́dì tó wà nínú ààrò. Ibí ni kí o ti dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wò. Mú hóró kan jáde, fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ti di ìyeyè bíi ti ẹ̀yìn, iná rẹ dára. Bí ẹ̀yìn bá ti ní àmì dúdú tóótòòtó tí inú sì ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, iná ti le jù. O lè dín in kù lójú ẹsẹ̀, àmọ́ hóró tó ti jó, ó ti jó náà nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tìrẹ gan-an nìyẹn.

Láti ìyeyè ni yóò ti máa pọ́n lọ sí búráùn. Ìyàngbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo hóró yóò máa bó dànù, èéfín díẹ̀ yóò máa jáde, òórùn yóò sì máa dùn sí i. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù níbí, wọ́n á dín iná kù jù. Ìyẹn náà kò dára. Bí ooru kọfí bá dúró lójú kan nígbà tó ń pọ́n, kò ní jó, kò ní kan, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ yóò sá lọ, yóò kàn máa ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́nu. Jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ máa tẹ̀ síwájú ní gbogbo ìgbà, láìsáré, láìdúró.

Títa àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí hóró bá gbóná tó nǹkan bí 196 sí 205 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Omi tó kù nínú rẹ̀ ti di ooru omi, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sì ti ń kó jọ. Àwọn méjèèjì ń ti ara hóró síta títí yóò fi já, pà! Ariwo rẹ̀ lágbára, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì dá yàtọ̀. Wo hóró náà dáadáa: ó ti wú, ìlà àárín rẹ̀ ti là, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń dán. Bí a bá yan án nínú agbada bí mo ṣe sọ yìí, ìṣẹ́jú kẹjọ sí ìkọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí.

Agbada kì í pín ooru dọ́gba, nítorí náà hóró méjì tàbí mẹ́ta lè kọ́kọ́ ta ní tiwọn. Má tíì ka ìyẹn sí. Ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn láìdáwọ́ dúró ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, kí o sì rẹ iná sílẹ̀ díẹ̀. Ìdí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni pé omi tó ń gba ooru lọ́wọ́ iná tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí o bá fi iná sílẹ̀ bó ṣe wà, ooru yóò sáré gun òkè mọ́ ọ lọ́wọ́. Títa yìí yóò gbóná fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, yóò wá máa rọlẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀ gẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò kan. Dúró títí yóò fi ku ọ̀kan-ọ̀kan.

Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, tó ṣe ọ́ bíi pé iṣẹ́ ti parí yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ojú ọjà. Àrábíkà ni wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambila ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, irú kọfí bẹ́ẹ̀ sì ní adùn àti òórùn tí iná púpọ̀ máa ń pa. Ní tèmi, láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo máa ń gbé e kúrò. Ròbọ́sítà, irú èyí tí àwọn ará wa ní agbègbè Kàbà ń gbìn, ní agbára kaféènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Àrábíkà, ó sì le lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ kó sún mọ́ títa kejì kí ó lè rọ̀.

Títa kejì kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Hóró ti gbẹ pátápátá, ara rẹ̀ ti rún bí igi gbígbẹ, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ló sì ń fọ́ ọ báyìí. Ariwo rẹ̀ tín-ín-rín, ó yára, ṣẹ-ṣẹ-ṣẹ-ṣẹ, ní nǹkan bí 224 sí 230. Òróró á máa yọ sí ẹ̀yìn hóró, èéfín á sì nípọn. Tí o bá jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, ìkorò èédú ni yóò kù, o sì ń sún mọ́ kí iná gbà á.

Nípa ẹ̀rọ gúgúrú: ó dára fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Wo inú kòtò rẹ̀ kí o tó sanwó. Èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara ògiri rẹ̀ wọlé, tó ń mú hóró yí po, ni kí o rà. Èyí tí ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí asẹ́, fi í sílẹ̀. Ìyàngbò lè jábọ́ sórí wáyà gbígbóná, kó sì gbiná. Gíráàmù 80 sí 100 ló máa ń gbà. Kọfí tútù wúwo, nítorí náà fi ṣíbí onígi ràn án lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ títí tí yóò fi lè máa yí fúnra rẹ̀. Gbé abọ́ ńlá sẹ́nu rẹ̀ kí ó gba ìyàngbò.

Ẹ̀rọ yìí ń yan án dọ́gba ju agbada lọ, ṣùgbọ́n ó yára: títa àkọ́kọ́ lè dé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, títa kejì sì lè tẹ̀ lé e kí o tó mí kanlẹ̀. Ariwo fáànù rẹ̀ sì máa ń bo ṣẹ-ṣẹ-ṣẹ yẹn, nítorí náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, kí o sì máa wo àwọ̀. Ohun kan tó kan àwa tí a wà ní Nàìjíríà ni pé bí iná mànàmáná kò bá gbé e, ooru ẹ̀rọ náà yóò lọ sílẹ̀, kọfí yóò sì dúró lójú kan láìta. Bí o bá rí i pé gílóòbù ilé rẹ ń ṣe bàìbàì, agbada ni kí o lò lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi kó tutù kí o tó da òmíràn sí i.

Yálà agbada ni o lò tàbí ẹ̀rọ, pípa iná kọ́ ló ń dá kọfí dúró. Ooru tó wà nínú hóró ṣì ń yan án lọ, irin agbada náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, gbé e kúrò ní bí ìṣẹ́jú àáyá 15 ṣáájú àwọ̀ tí o ń fẹ́, kí o sì dà á sínú asẹ́ irin ńlá lójú ẹsẹ̀. Ní asẹ́ kejì nílẹ̀, máa dà á láti inú ọ̀kan sí èkejì níwájú fáànù, lóde tàbí lójú fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ gbá ìyàngbò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yẹ kí o lè kó o sí àtẹ́lẹwọ́ láìjó ọ. Má bu omi sí i, má sì ṣe dé e mọ́ inú nǹkan nígbà tó ṣì gbóná.

Bí ó bá ti tutù, gbé e sórí ìwọ̀n. 150 gíráàmù tí o sọ kalẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn yẹ kí ó ku nǹkan bí 127 sí 130. Bí ó bá ṣì ju 134 lọ, kò tíì jinná dénú. Bí ó bá kéré sí 123, ó ti wọnú títa kejì. Kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí títa àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí iná yóò wà nígbà míì. Lẹ́yìn náà, dà á sínú ike, má dé ọmọrí rẹ̀ pinpin, nítorí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ṣì ń jáde lára rẹ̀. Fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ó kéré tán kí o tó lọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló dára jù.

Bí hóró èyí tó jó yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, la ọ̀kan, kí o fi inú wé ẹ̀yìn. Bí inú bá mọ́ ju ẹ̀yìn lọ dáadáa, lo iná tó rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ fún èyí tó kù, kí o sì rí i pé ìyeyè kò dé ṣáájú ìṣẹ́jú kẹrin.