Ibi Tí Òkè Ti Gé Òkè

Ní oṣù Keje ọdún 2018, fídíò kan gba orí fóònù kan. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun ń da obìnrin méjì àti ọmọdé méjì lọ lójú ọ̀nà eléruku, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ìjọba Kamẹrúùnù kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Kò sí pátákó nínú fídíò náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìlú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀wọ́ òkè kan tó hàn lẹ́yìn wọn lápá ìbẹ̀rẹ̀. Òkè yẹn ni àwọn oníròyìn BBC Africa Eye gbá mú. Ẹnìkan láti Kamẹrúùnù ní kí wọ́n wo ìtòsí Zelevet, nítòsí ààlà Nàìjíríà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ṣe ni wọ́n kàn rí òkè kan tó jọ èyí tó wà nínú fídíò. Èrò yẹn kò tọ́, ó sì ń bu iṣẹ́ náà kù. Òkè tó jọra pọ̀ lọ jàra. Góńgó kan ṣoṣo kò lè fi ẹsẹ̀ ẹni múlẹ̀ síbì kan, torí bó bá jìnnà, bákan náà ló máa rí lójú ẹni tó bá rìn kìlómítà kan lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń tú àṣírí ni ibi tí òkè iwájú ti gé òkè ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ ti rí i rí: igi etí ọ̀nà ń sá sẹ́yìn, òkè tó wà lọ́hùn-ún ń bá ọkọ̀ lọ. Ká ní òkè kan wà ní kìlómítà 2 sí ẹni tó ń ya fọ́tò, tí òmíràn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ ní kìlómítà 10. Bó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ ní mítà 100 péré, òkè ti iwájú á yẹ̀ ní nǹkan bíi dígíríì 2.9, ti ẹ̀yìn á yẹ̀ ní 0.6. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 4000, tó sì gba dígíríì 65 nínú ojú ilẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn tó píkísẹ́lì 140. Ojú lásán á rí i. Góńgó tó yọrí ní apá òsì èjìká òkè iwájú lè ti sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ ló ń bá wa ya òkè náà láti ibikíbi tá a bá fẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà wọn gíga ilẹ̀ fún ọjọ́ 11, ojú ìwọ̀n kan sí èkejì sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 30. Láti ibi tá a bá dúró sí, kọ̀ǹpútà á wo ìhà kọ̀ọ̀kan, á wá ojú ìwọ̀n tó gbójú sókè jù lọ, á sì fà wọ́n pọ̀ di ìlà. Ó gbọ́dọ̀ yọ bí ilẹ̀ ayé ṣe tẹ̀ kúrò: ní kìlómítà 10, mítà 8 péré ni, àmọ́ ní kìlómítà 50 ó ti sún mọ́ 200.

Àlàfo mítà 30 yẹn ló ń fa wàhálà. Òkúta ṣóńṣó tí kò fẹ̀ lè bọ́ sáàárín ojú ìwọ̀n, orí rẹ̀ á sì tẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Òkè Màǹdárà, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà, pàápàá ní ìhà Rhumsiki. Nítorí náà, bí ṣóńṣó kan bá sọnù, kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ kọ́. Àmọ́ bí òkè bá gé ara wọn níbi tí kò yẹ, ibẹ̀ kọ́ nìyẹn, bó ti wù kó jọ ọ́ tó. Ẹni tó bá lo Google Earth Pro gbọ́dọ̀ rí i pé iye tó wà níwájú `Elevation Exaggeration` jẹ́ 1, kí òkè má baà ga ju bó ṣe rí lọ. Ìdẹwò míì ni kéèyàn máa fa fọ́tò gùn kó lè bá ìlà mu. Fífa tó bá ṣe déédéé níbùú àti lóròó kò burú, ṣùgbọ́n bí apá òsì bá bára mu tí apá ọ̀tún kọ̀, ibi téèyàn dúró sí ló yẹ kó yí padà.

Òkè kì í dá sọ̀rọ̀ tán. Ní Zelevet, ó sọ ibi tí wọ́n máa wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi àwòrán sátẹ́láìtì bá àwọn ilé, igi àti ipa ọ̀nà inú fídíò náà dọ́gba lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji àwọn tó ń rìn ló wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀: láàárín 20 oṣù Kẹta sí 5 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé rán mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.